Ìdí tí Lóònù Èlé 5 fi Lè Wọ́n ju Lóònù Èlé 6 Lọ: Ohun tí Oníṣòwò Ẹja kan Rí ní Ẹ̀pẹ́

Ní Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí àwọn ìyá wa ti ń ta ẹja tútù àti ẹja yíyan, ọ̀rọ̀ kan wà tó ń fa àríyànjiyàn láàárín àwọn tó ń yá owó ṣòwò. Ènìyàn méjì yá iye owó kan náà, wọ́n sì fi iye oṣù kan náà san án. Èlé 5 lórí 100 lóṣù ni wọ́n pè fún ọ̀kan, èlé 6 lórí 100 lóṣù ni wọ́n pè fún èkejì. Nígbà tí àwọn méjèèjì san gbèsè wọn tán, ẹni tí wọ́n pe 5 fún ló san owó tó pọ̀ jù. Àwọn kan ní ojúsàájú ni, àwọn mìíràn ní òṣìṣẹ́ báńkì ló bu owó lé owó. Kò sí èyí tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣírò èlé ló yàtọ̀, ìyàtọ̀ náà sì lágbára ju ìyàtọ̀ tó wà láàárín 5 àti 6 lọ.

Àwọn ọ̀rọ̀ wo ló yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀?

Ojú owó ni iye tí a yá gan-an, kí a tó fi èlé kankan kún un. Èlé ni owó tí a ń san fún ayánilówó nítorí pé owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa. Àṣẹ́kù ni apá ojú owó tí a kò tíì dá padà. Bí a bá yá ₦300,000, tí a sì ti dá ₦50,000 padà nínú ojú owó, àṣẹ́kù wa jẹ́ ₦250,000.

Èlé fúláàtì ni èyí tí wọ́n ń ṣírò lórí gbogbo ojú owó láti oṣù àkọ́kọ́ títí dé oṣù ìkẹyìn, láìka iye tí a ti dá padà sí. Èlé àṣẹ́kù, tí àwọn òṣìṣẹ́ báńkì máa ń pè ní rìdúsìǹ bálánsì, ni èyí tí wọ́n ń ṣírò lóṣooṣù lórí iye tó ṣì kù lọ́rùn wa nìkan.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí oníṣòwò ẹja náà?

Oníṣòwò tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ń ta ẹja yíyan. Ẹ jẹ́ kí a máa pè é ní Ìyá Ẹlẹ́ja. Nígbà tí ẹja bá pọ̀ lọ́wọ́ àwọn apẹja, owó rẹ̀ máa ń wálẹ̀, ẹni tó bá sì ní owó lọ́wọ́ lákòókò náà ló lè rà á púpọ̀, kó yan án, kó sì tà á díẹ̀díẹ̀ nígbà tó bá ti gbówó lórí. Ìdí nìyí tó fi lọ yá ₦300,000 ní báńkì kéékèèké kan, tí yóò sì san án padà láàárín oṣù 6. Òṣìṣẹ́ tó bá a sọ̀rọ̀ sọ fún un pé 5 lórí 100 ni èlé lóṣù, àti pé ₦65,000 ni yóò máa san lóṣooṣù. Ó gbà, ó tọwọ́ bọ̀wé, ó sì gba owó náà.

Ìyá Onígàárì, tí ìsọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí tirẹ̀, yá ₦300,000 níbòmíràn ní àkókò kan náà, òun náà fún oṣù 6, ṣùgbọ́n èlé 6 lórí 100 lóṣù ni wọ́n pè fún un. Ní oṣù àkọ́kọ́, Ìyá Onígàárì san ₦68,000, Ìyá Ẹlẹ́ja sì san ₦65,000. Gbogbo ará ìsọ̀ ló gbà pé ọgbọ́n wà nínú ohun tí Ìyá Ẹlẹ́ja ṣe. Ní oṣù kejì, àwọn méjèèjì san ₦65,000. Ní oṣù kẹta, Ìyá Onígàárì san ₦62,000, ó sì ní ti oṣù tó ń bọ̀ yóò tún dín kù sí i. Ibẹ̀ ni ara ti bẹ̀rẹ̀ sí í fu Ìyá Ẹlẹ́ja. Àwọn méjèèjì mú káàdì ìsanwó wọn, wọ́n tọ àgbàlagbà kan lọ, ẹni tó jẹ́ akápò ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan nínú ọjà, tó sì ti pẹ́ lẹ́nu ìṣirò owó.

Kí ló wà nínú káàdì méjèèjì?

Inú ọ̀rá ni Ìyá Ẹlẹ́ja máa ń fi káàdì rẹ̀ sí. Òróró ẹja ti kan etí rẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ ṣì hàn kedere. Bàbá Akápò tẹ́ káàdì méjèèjì sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó sì ní kí Ìyá Ẹlẹ́ja ka ìlà tí wọ́n kọ èlé sí nìkan.

“₦15,000, ₦15,000, ₦15,000,” ni ìyá náà ń kà. “Bàbá, iye kan náà ni títí dé ìsàlẹ̀.”

“Ẹ ka ti Ìyá Onígàárì báyìí.”

“₦18,000, ₦15,000, ₦12,000, ₦9,000, ₦6,000, ₦3,000.”

“Ẹ ṣeun, Ìyá. Ẹ wo ìlà ojú owó. ₦50,000 ni ẹ̀yin méjèèjì ń dá padà lóṣooṣù. Gbèsè tiyín ń dín kù bí tirẹ̀ ṣe ń dín kù. Èlé yín ni kò dín kù.”

Gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà nínú gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Báńkì Ìyá Ẹlẹ́ja mú 5 lórí 100 nínú ₦300,000, ó rí ₦15,000, ó sì gba ₦15,000 yìí ní ẹ̀ẹ̀mẹfà. Èlé rẹ̀ lápapọ̀ di ₦90,000, gbogbo ohun tó san sì di ₦390,000. Ti Ìyá Onígàárì yàtọ̀. Ní oṣù àkọ́kọ́, ₦300,000 wà lọ́wọ́ rẹ̀, 6 lórí 100 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ₦18,000. Nígbà tó ti dá ₦50,000 padà, ₦250,000 ló kù, 6 lórí 100 nínú ìyẹn sì jẹ́ ₦15,000. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí di oṣù kẹfà, nígbà tó jẹ́ pé ₦50,000 péré ló kù lọ́rùn rẹ̀, tí èlé rẹ̀ sì di ₦3,000. Bí a bá ro gbogbo èlé yìí pọ̀, ₦63,000 ni, gbogbo ohun tó san sì jẹ́ ₦363,000.

Nítorí náà, ẹni tí wọ́n pe 5 fún fi ₦27,000 san ju ẹni tí wọ́n pe 6 fún lọ. Bí báńkì Ìyá Ẹlẹ́ja bá ti ṣírò 5 tirẹ̀ lórí àṣẹ́kù ni, ₦15,000 ni yóò san ní oṣù àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ₦12,500, ₦10,000, ₦7,500, ₦5,000, àti ₦2,500. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦52,500. Èlé fúláàtì ló sọ ₦52,500 di ₦90,000.

Kí ló dé tí èlé fúláàtì fi ń pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ẹnì kan háyà àga 60 fún ìnáwó ọlọ́jọ́ 6, ní ₦100 lórí àga kan lóòjọ́. Ní alaalẹ́, ó ń dá àga 10 padà fún aláàga. Ní ọjọ́ kejì, àga 50 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ní ọjọ́ kẹfà, àga 10 péré ló kù. Bí aláàga bá ń gba owó àga tó wà lọ́wọ́ oníbàárà nìkan, ₦21,000 ni gbogbo owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń gba owó àga 60 lójoojúmọ́, títí kan ọjọ́ tí àga 50 ti padà sí ilé ìtajà rẹ̀, ₦36,000 ni yóò gbà. Kò sí ẹni tí yóò gbà kí aláàga ṣe irú ẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí òun, nítorí ojú rí àga. Owó kì í jọ bẹ́ẹ̀ lójú wa, torí pé nọ́ńbà inú ìwé lásán ni, ṣùgbọ́n ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀: èlé fúláàtì ń gba owó lórí owó tí ayánilówó ti gbà padà, tó sì ṣeé ṣe kó ti yá ẹlòmíràn.

Bí a bá fẹ́ rí bí ó ṣe ń le sí i bí oṣù ti ń lọ, ẹ jẹ́ kí a fi ₦15,000 tí Ìyá Ẹlẹ́ja ń san wé àṣẹ́kù rẹ̀ ní oṣù kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù àkọ́kọ́, ₦15,000 lórí ₦300,000 jẹ́ 5 lórí 100 lóòótọ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ fún un. Ní oṣù kejì, ₦15,000 lórí ₦250,000 ti di 6 lórí 100, ìdí sì nìyí tí iye tí òun àti Ìyá Onígàárì san fi dọ́gba ní oṣù náà. Ní oṣù kẹta, ó di 7 àti ààbọ̀. Ní oṣù kẹrin, ó di 10. Ní oṣù karùn-ún, ó di 15. Ní oṣù kẹfà, ₦50,000 nìkan ni Ìyá Ẹlẹ́ja jẹ, síbẹ̀ ₦15,000 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ fún èlé. 30 lórí 100 ni ìyẹn, fún oṣù kan ṣoṣo. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bá a ní ìsọ̀ ní ọjọ́ náà pé kó wá yá ₦50,000 fún oṣù kan, kó sì fi ₦15,000 lé e, yóò lé ẹni náà lọ.

Èlé 5 yẹn, èló ni gan-an?

Ọ̀nà kan tó rọrùn láti mọ̀ ọ́n ni pé kí a ro àṣẹ́kù oṣù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀: ₦300,000, ₦250,000, ₦200,000, ₦150,000, ₦100,000, àti ₦50,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,050,000. Ìtumọ̀ èyí ni pé lílò tí Ìyá Ẹlẹ́ja lo owó báńkì náà jẹ́ ọgbọọgba pẹ̀lú kí ènìyàn lo ₦1,050,000 fún oṣù kan. Ó san ₦90,000 fún ìlò yẹn. Bí a bá fi ₦90,000 wé ₦1,050,000, yóò lé díẹ̀ ní 8 àti ààbọ̀ lórí 100 lóṣù. Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ìṣirò báńkì ń gbà pín owó ìsanwó láàárín èlé àti ojú owó yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí, iye tí wọn yóò sì rí kò ju ohun tó lé díẹ̀ ní 8 lọ. Èyí tó wù kí a mú, kì í ṣe 5. Ohun tí Ìyá Ẹlẹ́ja yẹ kó fi wé 6 ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni 8 àti díẹ̀.

Bí iye oṣù bá ṣe ń pọ̀ sí i ni àlàfo náà ń fẹ̀ sí i ní náírà. Ká ní oṣù 12 ni Ìyá Ẹlẹ́ja gbà láti fi san ₦300,000 náà ní èlé fúláàtì 5, tó ń dá ₦25,000 padà lóṣooṣù nínú ojú owó, ₦180,000 ni èlé rẹ̀ ì bá jẹ́. Lórí àṣẹ́kù, ₦97,500 ni. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló máa ń bẹ̀bẹ̀ fún àkókò gígùn kí owó oṣooṣù lè fúyẹ́, èmi náà sì mọ ìdí rẹ̀, nítorí ọjà kì í yá lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n lábẹ́ èlé fúláàtì, oṣù kọ̀ọ̀kan tí a bá fi kún un, ₦15,000 mìíràn ló ń fà wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí kọ́bọ̀ kan tí wọ́n fi kún owó tí wọ́n yá wa.

Bí ènìyàn bá fẹ́ tètè san gbèsè tán ńkọ́?

Lẹ́yìn tí Ìyá Ẹlẹ́ja san ti oṣù kẹta, ẹja tó yan pamọ́ tà dáadáa, owó sì wọlé. Ó lọ sí báńkì láti san gbogbo gbèsè tó kù. Ó ti ṣírò rẹ̀ pé ₦150,000 ló kù nínú ojú owó, ìyẹn náà ló sì mú dání. Wọ́n sọ fún un pé ₦195,000 ni yóò san, torí pé èlé oṣù 3 tó kù, ₦45,000, ti wà nínú àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó wá ká a lára ni pé bó san án lónìí, bó san án ní oṣù kẹfà, iye kan náà ni. Kò rí ìdí tí yóò fi tètè san án mọ́, ó sì gbé owó rẹ̀ padà sí ọjà.

Ní ti Ìyá Onígàárì, bí òun bá lọ sí báńkì tirẹ̀ lẹ́yìn ìsanwó oṣù kẹta, ₦150,000 ni wọn yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀, àfi bí ìwé àdéhùn bá ní owó ìtanràn fún ẹni tó bá tètè san. Èlé oṣù kẹrin, ìkarùn-ún àti ìkẹfà kò tíì sí, nítorí pé àṣẹ́kù tí wọn yóò ṣírò rẹ̀ lé lórí kò ní sí mọ́. Àwọn ayánilówó kan tó ń lo èlé fúláàtì máa ń dín èlé kù fún ẹni tó bá tètè san, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ni ó wà, kò sí nínú ìṣirò náà fúnra rẹ̀. Kí a tó gba owó ni ó yẹ kí a béèrè, kí a sì rí i nínú ìwé.

Báwo ni a ṣe lè mọ èyí tí wọ́n fún wa?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí owó ìsanwó bá jẹ́ iye kan náà lóṣooṣù, èlé fúláàtì ni, bó bá sì ń dín kù, èlé àṣẹ́kù ni. Àmì yìí kò dájú. Báńkì lè lo èlé àṣẹ́kù kó sì ṣètò rẹ̀ kí oníbàárà máa san iye kan náà lóṣooṣù, nípa fífi èlé tó pọ̀ àti ojú owó tó kéré sí àwọn oṣù ìbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá yá ènìyàn ní ₦300,000 fún oṣù 6 ní 5 lórí àṣẹ́kù lọ́nà yìí, nǹkan bí ₦59,100 ni yóò máa san lóṣooṣù. Nínú ìsanwó àkọ́kọ́, ₦15,000 jẹ́ èlé, nǹkan bí ₦44,100 sì jẹ́ ojú owó. Nínú ìsanwó kejì, èlé ti wálẹ̀ sí nǹkan bí ₦12,800, ojú owó sì ti gòkè. Èlé lápapọ̀ kò ju nǹkan bí ₦54,600 lọ. Ẹni tó bá wo àpapọ̀ owó oṣooṣù nìkan kò lè rí èyí.

Ìbéèrè tó ń tú àṣírí rẹ̀ ni èyí tí Bàbá Akápò kọ́ àwọn ìyá méjèèjì: “Nínú owó tí n óò san ní oṣù kejì, èló ni èlé?” Bí ìdáhùn bá bá ti oṣù àkọ́kọ́ dọ́gba, fúláàtì ni. Bó bá kéré sí i, àṣẹ́kù ni. Òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè dáhùn lójú ẹsẹ̀, tàbí kó tẹ ìwé ètò ìsanwó jáde, èyí tó ń fi ojú owó, èlé àti àṣẹ́kù oṣù kọ̀ọ̀kan hàn. Ní tèmi, ẹni tí kò bá lè fi ìwé yìí hàn wá kí a tó tọwọ́ bọ̀wé kò yẹ ní ẹni tí a ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.

A tún gbọ́dọ̀ wo ohun tó wọ ọwọ́ wa gan-an. Bí báńkì bá yá wa ní ₦300,000 ṣùgbọ́n tó yọ ₦6,000 fún owó fọ́ọ̀mù àti owó iṣẹ́, tó sì ní kí ₦30,000 wà nílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìfowópamọ́ dandan, ₦264,000 péré la gbé lọ sí ọjà, síbẹ̀ orí ₦300,000 ni èlé ń jókòó. Ìfowópamọ́ náà yóò padà sọ́wọ́ wa lẹ́yìn tí a bá san gbèsè tán, ṣùgbọ́n a ti san èlé lórí rẹ̀ láìlò ó. Irú yíyọ bẹ́ẹ̀ lè sọ èlé àṣẹ́kù tó dára lójú di ohun tó wọ́n.

Ṣé gbogbo èlé fúláàtì ló burú?

Rárá. Ẹgbẹ́ Bàbá Akápò fúnra rẹ̀ ń lo èlé fúláàtì. 10 lórí 100 ni wọ́n ń gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà á fún gbogbo oṣù 6, kì í ṣe lóṣooṣù. Lórí ₦300,000, ₦30,000 ni èlé lápapọ̀, ó sì kéré ju ti báńkì méjèèjì lọ. Ohun tó ń dí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ni pé ẹgbẹ́ kì í yáni ju ìlọ́po iye tí a ti fi pamọ́ sọ́dọ̀ wọn lọ, Ìyá Ẹlẹ́ja kò sì tíì pẹ́ nínú ẹgbẹ́ débi tí ìfowópamọ́ rẹ̀ yóò fi tó. Nígbà tí a bá fẹ́ fi ayánilówó méjì wé ara wọn, ohun tó yẹ kí a gbé síwájú ni gbogbo èlé tí a óò san ní náírà, lórí iye kan náà, fún iye oṣù kan náà, tí a sì ń dá a padà lọ́nà kan náà.

Ibì kan sì wà tí ọ̀nà méjèèjì kì í yàtọ̀ rárá. Bí a bá yá owó fún oṣù kan péré, tàbí tí àdéhùn bá jẹ́ pé kí a máa san èlé lóṣooṣù kí a sì dá gbogbo ojú owó padà lẹ́ẹ̀kan náà ní ìparí, 5 fúláàtì àti 5 lórí àṣẹ́kù yóò mú iye kan náà wá. Lábẹ́ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, ₦300,000 ṣì wà lọ́wọ́ oníṣòwò títí di ọjọ́ ìkẹyìn, èlé ₦15,000 tó ń san lóṣooṣù sì jẹ́ 5 lórí 100 nínú owó tó ń lò lóòótọ́.